Bí mo ṣe pín owó dátà ráútà kan láàárín àwa mẹ́rin

Ráútà kan ló wà ní pálọ̀ fúláàtì wa, àwa mẹ́rin la sì ń lò ó. Dátà 100GB tó ń lo ọgbọ̀n ọjọ́ là ń rà sí i, ní ₦20,000. Tí a bá dá a dọ́gba, ₦5,000 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò yẹn kò le, àmọ́ nọ́ọ̀sì ni ọ̀kan nínú wa, iṣẹ́ alẹ́ kì í jẹ́ kó gbélé, iye kan náà ló sì ń san pẹ̀lú ẹni tó ń wo fíìmù títí di aago méjì òru. Ẹ̀kẹta wa ń ṣe gíráfíìsì lórí láptọ́ọ̀pù. Èmi ni ẹ̀kẹrin. Bí mo ṣe wọn ìlò kálukú tí mo sì pín owó náà ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Àpapọ̀ ni mo kọ́kọ́ wá, nítorí láìmọ àpapọ̀, èèyàn kò lè mọ ohun tó ń jò. Nínú búráúsà, mo tẹ nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ sí ìdí ráútà, èyí tó sábà máa ń jẹ́ 192.168.8.1 tàbí 192.168.0.1, mo wọlé, mo sì wo ojú ewé Statistics. Ó sọ iye dátà tó ti gba inú ráútà kọjá látìgbà tí a ti rà á. Mo tún ṣàyẹ̀wò rẹ̀ lọ́dọ̀ nẹ́tíwọ̀kì fúnra rẹ̀: mo yọ káàdì síìmù inú ráútà náà sínú fóònù, mo tẹ *323#, kóòdù tí gbogbo nẹ́tíwọ̀kì ní Nàìjíríà ń lò báyìí láti fi wo dátà tó kù. Iye méjèèjì kì í bára mu délẹ̀. Ti nẹ́tíwọ̀kì ni kí ẹ mú, nítorí òun ló ń gé dátà yín kù. Lóṣù tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ yìí, 80GB la jẹ.

Ọ̀pọ̀ ráútà kékeré kì í sọ iye tí fóònù kọ̀ọ̀kan jẹ. Orúkọ àwọn tó wà lórí rẹ̀ ló ń tò, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, inú fóònù kálukú la ti lọ wọn tirẹ̀. Lórí Android, ẹ wọ Settings, ẹ wá Data usage, kí ẹ tẹ Wi-Fi data usage (lórí fóònù mìíràn, Non-carrier data usage ló ń jẹ́). Lórí Windows 11, inú Network & internet ni, lábẹ́ Advanced network settings, Data usage. Ẹ yan orúkọ Wáì-fáì ilé yín nìkan níbi tó bá ti gbà yín láyè, kí ti ibi iṣẹ́ má bàa kún un. Fóònù iPhone kì í ka ti Wáì-fáì rárá, ẹni tó bá ní in yóò di ara ìyókù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ohun tó ń da èèyàn rú níbẹ̀ ni pé ọjọ́ tí fóònù bẹ̀rẹ̀ ìkà tirẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ ra dátà. Bí wọ́n ṣe ń ka mítà iná ni mo ṣe é: ní ọjọ́ tí a rà á, kálukú ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ sí orí Wásáàpù ẹgbẹ́ wa, a sì ń yà á lọ́sọọsẹ̀ lẹ́yìn náà. Ti òní, yọ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá kúrò, ohun tó kù ni ìlò ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹ má ṣe dúró di ìparí oṣù, nítorí òǹkà ọ̀pọ̀ fóònù máa ń padà sí òdo lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á sì bọ́ sọnù mọ́ yín lọ́wọ́.

Nígbà tí mo ro ó pọ̀, ti nọ́ọ̀sì jẹ́ 6GB, tèmi 14, ti oní-gíráfíìsì 12, ti oní-fíìmù 26. Gbogbo rẹ̀ 58GB. Àpapọ̀ sì jẹ́ 80. Ibo ni 22GB tó kù gbà lọ? Tẹlifíṣọ̀n ni. Kò ní òǹkà kankan nínú, ìyọkúrò nìkan la fi lè mọ tirẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kì í wò ó, èmi náà kì í wò ó, nítorí náà àwọn méjì tó kù ló ni ín. Netflix ni wọ́n ń wò, kálukú sì ní prófáìlì tirẹ̀. Nínú Account, Viewing activity ń to ohun tí prófáìlì kan ti wò pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. A fi gígùn fíìmù kọ̀ọ̀kan ro wákàtí: oní-gíráfíìsì wo wákàtí 12, oní-fíìmù wo 21. Wákàtí 33 jẹ 22GB, ìyẹn bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta GB ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ó wá di 8GB fún ẹnì kan, 14GB fún ẹnì kejì. Fíìmù tí wọ́n bá jọ jókòó wò, a gé wákàtí rẹ̀ sí méjì.

Medium la fi àwòrán sí nínú prófáìlì méjèèjì, ìdí nìyẹn tó fi kéré bẹ́ẹ̀. Netflix fúnra rẹ̀ sọ pé HD lè jẹ tó 3GB ní wákàtí kan. Wákàtí 33 yẹn ì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé odindi 100GB mì. Kí ẹ tó jà lórí owó, ẹ kọ́kọ́ yí ibẹ̀ padà.

Ó kù kí a pín owó. Ìlò wá dúró báyìí: nọ́ọ̀sì 6, èmi 14, oní-gíráfíìsì 20, oní-fíìmù 40. Àwọn kan á ní kí a fi ìlò nìkan pín in. Èmi kò fara mọ́ ọn. Tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ₦250 ni GB kan, nọ́ọ̀sì á san ₦1,500, oní-fíìmù á san ₦10,000. Bẹ́ẹ̀ ráútà wà nílẹ̀ de nọ́ọ̀sì náà nígbàkigbà tó bá wọlé, yálà ó lò ó tàbí kò lò ó, 20GB tó sì ṣẹ́kù tó jóná lọ́jọ́ ọgbọ̀n kì í ṣe ẹ̀bi ẹnì kan ṣoṣo. Owó kan wà tó jẹ́ owó ìdúródeni. Ìyẹn ni ká dá dọ́gba, kí a wá fi ìlò pín ìyókù.

Ìdajì ni mo kọ́kọ́ mú: ₦10,000 dọ́gba, ₦2,500 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦10,000 yòókù lórí 80GB, ₦125 fún GB kan. Nọ́ọ̀sì bọ́ sí ₦3,250. Ó wo fóònù rẹ̀, ó ní dátà tó máa tó òun fún oṣù kan kò ju ₦3,000 lọ tí òun bá dá rà á. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́. Ààlà tí ìpín kankan kò gbọdọ̀ kọjá nìyẹn: kí ẹnikẹ́ni má san ju ohun tí ì bá san ní òun nìkan. Tó bá kọjá rẹ̀, ẹni náà á yọ ara rẹ̀, ẹrù á sì wúwo sí i lórí àwọn tó kù. Mo dín owó ìdúródeni kù sí ₦8,000, ₦2,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. ₦12,000 tó kù lórí 80GB jẹ́ ₦150.

```
owó ẹnì kan = 2,000 + (GB rẹ̀ × 150)
```

Nọ́ọ̀sì ₦2,900, èmi ₦4,100, oní-gíráfíìsì ₦5,000, oní-fíìmù ₦8,000. Ẹ ro ó pọ̀, ₦20,000 géérégé ni. Oní-fíìmù ráhùn díẹ̀, àmọ́ 40GB tí ì bá dá rà ń lọ sí bíi ₦11,000 lọ́jọ́ tí a yẹ̀ ẹ́ wò, òun náà jèrè.

Wàhálà tó kù ni pé kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀ la ń sanwó, ìparí rẹ̀ la sì ń mọ ìlò. Ní oṣù àkọ́kọ́ a dá ₦5,000 dọ́gba. Nígbà tí ìṣirò jáde, nọ́ọ̀sì ní ₦2,100 lọ́wọ́ ẹgbẹ́, èmi ní ₦900, oní-fíìmù jẹ ₦3,000. A kò dá owó padà fún ẹnikẹ́ni. A kàn fi kún ohun tí oní-fíìmù á dá lóṣù tó ń bọ̀, a sì yọ ọ́ kúrò nínú tiwa. Bí dátà bá tán kí ọgbọ̀n ọjọ́ tó pé, èyí tí a bá rà kún un, ìlò nìkan la fi ń pín in, kò sí owó ìdúródeni nínú rẹ̀, nítorí a ti san ìyẹn.

Ohun méjì ló lè ba ìṣirò yìí jẹ́. Èkíní ni pé fóònù gbà pé Wáì-fáì kò náni ní nǹkan kan, nítorí náà ibẹ̀ ló ń dúró dè kó tó gbé fídíò lọ pamọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó sì gba àpúdéètì áàpù. Lọ́sẹ̀ kan, ti nọ́ọ̀sì fò sókè sí 3GB, kò sì wo nǹkan kan. A wo orúkọ àwọn áàpù lábẹ́ òǹkà yẹn, ti fọ́tò ló wà lókè pátápátá: fídíò ìgbéyàwó kan ló ń gbé lọ. Ẹ tẹ orúkọ Wáì-fáì ilé yín nínú Settings, ẹ wá Network usage, kí ẹ yan Treat as metered. Ti Windows ń jẹ́ Metered connection. Láti ìgbà náà ni fóònù á ti máa ṣọ́ra bí ẹni pé dátà inú rẹ̀ ló ń lò.

Èkejì ni àlejò, òun ló sì ṣòro mú jù. Fóònù àlejò kò sí nínú àwòrán tí a ń yà lọ́sọọsẹ̀, nítorí náà inú ìyókù ló ń bọ́ sí, àwọn tó ń wo tẹlifíṣọ̀n ló sì ń sanwó rẹ̀ láìmọ̀. Ìdá méjì nínú mẹ́ta GB fún wákàtí kan ló ń tú u fó. Lóṣù kejì, wákàtí 30 ni wọ́n wò, ó yẹ kí ìyókù jẹ́ 20GB, àmọ́ 29 la bá níbẹ̀. 9GB ti jò nìyẹn. A ṣí ibi tí ráútà ti ń to àwọn tó wà lórí rẹ̀, a bá fóònù méjì tí kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n nínú wa. Kí ẹ tó fẹ̀sùn kan aládùúgbò, ẹ rántí pé fóònù tuntun máa ń fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ àtọwọ́dá wọ Wáì-fáì, tí ẹnì kan bá sì ti pa nẹ́tíwọ̀kì rẹ́ tó tún un wọ̀, ó lè hàn bí ẹlòmíràn. Kí kálukú pa Wáì-fáì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa wo orúkọ tó ń kúrò lójú ewé yẹn. Ọ̀kan nínú méjèèjì jẹ́ fóònù èmi fúnra mi. Èkejì kò kúrò. A pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù lálẹ́ ọjọ́ náà, a sì dá 9GB yẹn dọ́gba láàárín àwa mẹ́rin, torí kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́ pé òun ló fún aládùúgbò.