Ọbẹ̀ Ẹ̀gúsí àti Ọbẹ̀ Ata Nínú Fíríìjì: Ọjọ́ Mélòó, Báwo La Sì Ṣe Ń Mọ̀ Pé Ó Ti Kan?

Bí fíríìjì bá tutù dé 4°C tàbí kó tún tutù jù bẹ́ẹ̀, ọbẹ̀ ata lè lo ọjọ́ 3 sí 4 nínú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gúsí kọjá ọjọ́ 3. Kíkan tòmátò máa ń dá àwọn kòkòrò àìfojúrí kan dúró díẹ̀, ẹ̀gúsí kò ní irú ààbò yẹn, pàápàá bí ẹ̀fọ́ àti ẹja bá wà nínú rẹ̀. Epo tó léfòó sójú ọbẹ̀ kì í dáàbò bò ó.

Kí wákàtí 2 tó pé lẹ́yìn tí ẹ sọ ọbẹ̀ kalẹ̀, ó yẹ kó ti wà nínú fíríìjì. Bí ooru bá mú gan-an, ẹ ṣe é láàárín wákàtí 1. Ẹ má gbé odidi ìkòkò wọlé. Àárín rẹ̀ á ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ibẹ̀ sì ni àwọn kòkòrò tí sísè kò pa tán ti ń pọ̀ sí i. Ẹ bù ú sínú àwọn abọ́ tí kò jìn, ìwọ̀n tí ẹ ó jẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ sì dé wọn.

Níbi tí iná mànàmáná ti máa ń lọ, bíi ní Ìbàdàn, ẹ ka wákàtí tí kò fi sí iná mọ́ ọjọ́. Ká ní ẹ se ẹ̀gúsí ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, iná sì lọ ní aago 11 òwúrọ̀ Sọ́ńdè. Bí ẹ kò bá ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì, òtútù rẹ̀ á dúró fún bíi wákàtí 4, ìyẹn dé aago 3. Bí kò bá sí jẹnẹrétọ̀, ẹ gbé ọbẹ̀ kaná kí aago 3 tó lù, kó hó dáadáa, kẹ́ ẹ sì jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Bí iná bá pa dà ní aago 6, tí ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kan ọbẹ̀ náà, ẹ dà á nù. Pé ó tún tutù lálẹ́ kò sọ ọ́ di tuntun.

Ọbẹ̀ tó ti kan máa ń rùn kíkan nígbà tí ẹ bá ṣí ìdérí. Ìdérí lè wú sókè. Ẹ ó rí ìfófó tàbí kí ọbẹ̀ tutù máa hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gúsí á ya sí omi àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, á sì máa fà bí ilá. (Kí omi díẹ̀ ya sójú rẹ̀ nìkan kì í ṣe àmì bíbàjẹ́.) Ọbẹ̀ ata sábà máa ń hu èébu lẹ́bàá abọ́, níbi tí epo kò dé, ẹ má kàn há a kúrò kẹ́ ẹ jẹ ìyókù.

Ẹ má tọ́ ọ wò láti mọ̀. Ẹ má sì rò pé ẹ ó se kíkan náà kúrò: iná lè pa kòkòrò, ṣùgbọ́n oró tí àwọn kan ti tú sínú ọbẹ̀ kì í kúrò bó ti wù kó hó tó. Irú oró bẹ́ẹ̀ lè má ní òórùn rárá, ìdí nìyẹn tí ọbẹ̀ tó ti lo ọjọ́ 5 fi gbọ́dọ̀ lọ, bó tilẹ̀ ń ta sánsán.

Bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ ju ọjọ́ 4 lọ, inú fírísà ni kó lọ lọ́jọ́ tí ẹ sè é gan-an, kì í ṣe lọ́jọ́ kẹrin.