Ẹ wo ẹ̀yìn ike epo ẹja kí ẹ tó sanwó

Ẹ má jẹ́ kí 1000 mg tó wà níwájú ike tàn yín. Ẹ yí i padà, kí ẹ ro EPA pọ̀ mọ́ DHA, ìyẹn ọ̀rá ómégà-3 méjì tí a torí wọn ń ra epo ẹja. Lọ́pọ̀ ìgbà 180 àti 120 ni, ìyẹn 300 péré. Ọ̀rá mìíràn ni ìyókù. Ègé ẹja Títùsì 100 gíráàmù láti Bódìjà sábà máa ń ní EPA àti DHA tó ju ti kápúsù mẹ́ta bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sè é sínú ọbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí ẹ bá dín in gbẹ, lára ọ̀rá tí ẹ torí rẹ̀ rà á á ṣàn sínú epo díndín (ẹ sì máa da epo ọ̀hún nù!). Àmọ́ bí dókítà bá kọ kápúsù alágbára fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ jù, ẹja kò lè rọ́pò ìyẹn.