Àṣìṣe tó ń gba máàkì lọ́wọ́ yín nínú ìbéèrè owó orí

Tí mo bá ń máàkì ìwé ìdánwò òfin owó orí, ìlà tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ka ọjọ́ ni ojú mi kọ́kọ́ ń lọ. Ẹni tó bá ṣìnà níbẹ̀, ìṣirò tó kù á kàn máa tẹ̀ lé e wọ igbó ni.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn láti lò nìyí, tòun ti òfin tí mo kọ sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá lo ọjọ́ 183 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú orílẹ̀-èdè láàárín oṣù kìíní sí oṣù kejìlá, olùgbé ni; ọjọ́ tó wọlé àti ọjọ́ tó jáde wà nínú kíkà. Olùgbé á san owó orí lórí gbogbo owó tó wọlé fún un, ìbáà jẹ́ láti òkè òkun. Ẹni tí kì í ṣe olùgbé á san lórí èyí tó rí nílé nìkan. Ẹ̀bùn kì í ṣe owó tó wọlé. Lórí 20,000 àkọ́kọ́, ìdá 10 nínú 100. Lórí èyí tó bá lé, ìdá 20.

Arábìnrin K wà nílùú láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní títí di ọjọ́ 30 oṣù kẹrin, ó sì tún wà níbẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá di ọjọ́ 10 oṣù kejìlá. Owó iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ fún ọdún náà jẹ́ 40,000. Ilé rẹ̀ lókè òkun mú 12,000 wá, ó sì ná 2,000 láti tún un ṣe, èyí tí òfin gbà kó yọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ta á lọ́rẹ 5,000. Ó kó 4,000 sínú owó ìfẹ̀yìntì kí owó orí rẹ̀ lè dín. Òfin gbà kó yọ ìyẹn, pẹ̀lú 6,000 tó wà fún olúkúlùkù. Àmọ́ ó ní kí ayálégbé san 3,000 nínú owó ilé náà sí àkáǹtì àbúrò òun, kí àbúrò bá òun tọ́jú rẹ̀. 9,000 ló kọ sínú fọ́ọ̀mù.

Ẹ má ṣe mú ìgbà tó pẹ́ jù kí ẹ wá fi gbogbo ìdáhùn lé e lórí. Ọ̀pọ̀ á rí ọjọ́ 120 ní ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n á ní kò tó 183. Ó yẹ kí wọ́n fi 71 ti ìgbà kejì kún un, kó di 191. Olùgbé ni. Ẹ má sì sáré mẹ́nu kan àdéhùn láàárín orílẹ̀-èdè méjì, ibi tí wọ́n ti ń bi ẹni pé níbo ni ilé rẹ̀ gan-an wà. Orílẹ̀-èdè kejì kò tíì sọ pé tòun ni K.

Nítorí pé olùgbé ni, owó ilé òkè òkun wọ inú ìṣirò, 12,000 ni a ó sì kọ, kì í ṣe 9,000. Ohun tó wọlé gan-an là ń ṣírò. Fọ́ọ̀mù tí K kọ kì í ṣe ẹ̀rí tó borí òtítọ́. Iye tí owó orí bà lé lórí nìyí:

40,000 + 12,000 − 2,000 − 4,000 − 6,000 = 40,000

Owó orí rẹ̀ jẹ́ 2,000 pẹ̀lú 4,000, ìyẹn 6,000. Ẹni tó ka K sí àlejò á ní 30,000 àti owó orí 4,000. Àwọn kan sì ń yọ 4,000 ti ìfẹ̀yìntì lára owó orí fúnra rẹ̀, bí ẹni pé ìjọba ló ń san án fún K. Lára owó tó wọlé la ti ń yọ ọ́.

Ibi tí ìwé ti sábà máa ń burú jù ni ìparí. "K fẹ́ dín owó orí kù, nítorí náà ó jẹ̀bi." Rárá o. Fífẹ́ dín in kù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Nínú ẹjọ́ Westminster ní 1936, ọlọ́lá kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ìwé àdéhùn ṣèlérí owó ọdọọdún fún olùtọ́jú ọgbà rẹ̀, torí pé òfin gbà kó yọ irú owó bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n kò gbà kó yọ owó iṣẹ́. Ó jàre. Owó ìfẹ̀yìntì K bá ìyẹn mu: ó ṣe é ní gbangba, òfin sì gbà á. Ní ti 3,000, ó pa á mọ́, ó sì parọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Sísá fún owó orí nìyẹn, 600 ló sì fẹ́ fi du ìjọba.

Tí mo bá wá béèrè pé, ká ní ó fún àbúrò nílé náà pátápátá ńkọ́? Owó ilé di ti àbúrò, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé wọ́n ti jọ pinnu pé àbúrò á dá ilé padà lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ rántí ẹjọ́ Ramsay ti 1981: ilé ẹjọ́ lè wo gbogbo ìgbésẹ̀ náà pọ̀ bí ẹyọ kan.