Bí mo ṣe tún ọ̀rọ̀ ìkíni dáírẹ́kítọ̀ wa ṣe

Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ tí dáírẹ́kítọ̀ wa máa fi kí àwọn olùdókòwò tó ń bọ̀ láti òkè òkun, mo wá kọ síbẹ̀ pé "èrè wa lọ́dún tó kọjá jẹ́ 40 mílíọ̀nù náírà." Yéè! Owó ọjà tó wọlé nìyẹn o, táa bá yọ ìnáwó 34 mílíọ̀nù kúrò, 6 péré ló kù, òun gan-an lèrè, owó orí ò tíì kúrò níbẹ̀. Mo tún un kọ: "owó ọjà 40, èrè 6 kí a tó san owó orí."

Mo tún rí "owó tẹ́ ẹ máa yá wa", mo pa á rẹ́, torí ẹni tó ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ ò yáni lówó, èrè orí ìpín ló máa gbà, tí èrè bá wà. Ó di "owó tẹ́ ẹ máa fi ra ìpín."