Bí mo ṣe dán kámẹ́rà 108MP àti 12MP wò lórí àdìrẹ ní Ìtòkú

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta níbí. Èmi ni mo máa ń bá wọn ya àwòrán aṣọ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà tí kò lè wá sọ́jà. Fóònù méjì ló wà lọ́wọ́ wa. Ọ̀kan tuntun, wọ́n kọ 108MP, ìyẹn mẹ́gápíksẹ̀lì 108, gàdàgbà sẹ́yìn rẹ̀. Èkejì ti pẹ́: Pixel 3 ni, èyí tí Google gbé jáde ní 2018, kámẹ́rà rẹ̀ kò sì ju bíi 12MP lọ. Ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí ni pé oníbàárà kan ní Ìbàdàn wo àwòrán àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí a fi fóònù tuntun yà, ó ní aṣọ náà dà bí èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀. Ó dun Ẹ̀gbọ́n gan-an. Ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ yẹn: ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi fa ẹ̀kọ láfún sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ìlà tí ìyẹ́ bá fà kì í dọ́gba, àìdọ́gba yẹn sì ni ẹni tó mọ àdìrẹ máa ń wá kó tó sanwó. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n yẹ fóònù méjèèjì wò kí a mọ ibi tí ìlà wa ń sá lọ.

Mo fi aṣọ kan náà kọ́ sára ògiri inú ṣọ́ọ̀bù, níbi tí gílóòbù LED kan ṣoṣo ti ń tàn. Mo gbé fóònù lé ẹ̀yìn àga kó má bàa mì, mo sì lo táímà ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta kí ọwọ́ mi má kàn án nígbà tó bá ń yà. Mo kọ́kọ́ fi fóònù tuntun yà á ní ipò 108MP, mo dá a padà sí ipò tí ó máa ń wà tẹ́lẹ̀, èyí tó ń gbé àwòrán 12MP jáde, mo tún yà á. Lẹ́yìn náà ni mo gbé Pixel síbẹ̀. Mo gbé aṣọ náà jáde sábẹ́ ìbòòji níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo tún ṣe gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo wá kó gbogbo àwòrán sórí kọ̀ǹpútà, mo fẹ̀ wọ́n sí 100%, mo sì dín ti 108MP kù sí ìwọ̀n àwọn tó kù kí wọ́n lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìsí ìrẹ́jẹ.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, àwòrán 108MP ló burú jù. Níbi tí aró ti dúdú, àmì pupa àti ewé kéékèèké kún inú búlúù bí iyanrìn. Ìlà tó nípọn ṣì wà, ṣùgbọ́n àwọn tín-ín-rín tí etí ìyẹ́ fà sílẹ̀ ti rá mọ́ ara wọn. Fóònù kan náà, lẹ́ǹsì kan náà, ibi kan náà: nígbà tó wà ní 12MP, iyanrìn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ̀gbọ́n wo méjèèjì títí, wọ́n ní, "Àbúrò, ṣé kì í ṣe èyí tó pọ̀ jù ló yẹ kó dára jù ni?"

Mo ṣàlàyé fún wọn pé sẹ́ńsọ̀ ni ojú tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀, mẹ́gápíksẹ̀lì kàn ń sọ iye ìpín tí wọ́n pín ojú náà sí ni. Ẹni tó pín in sí wẹ́wẹ́ kò fi kún un. Lórí fóònù tuntun wa, píksẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìpín kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 0.64 mikrómítà ní ìbú, bẹ́ẹ̀ mikrómítà 1,000 ló wà nínú mìlímítà kan. Ní ipò 12MP, fóònù yóò kó píksẹ̀lì mẹ́sàn-án, mẹ́ta ní ìbú, mẹ́ta ní òró, pọ̀ di ẹyọ kan tó tóbi tó 1.92 mikrómítà. Ìmọ́lẹ̀ tí ẹyọ yẹn gbà di ìlọ́po mẹ́sàn-án.

Ìdí tí ìyẹn fi ṣe pàtàkì ni pé ìmọ́lẹ̀ kì í dà wọlé ní iye kan náà nígbà gbogbo. Fótọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pe ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n sì ṣe ń bọ́ sórí píksẹ̀lì máa ń lọ sókè sódò. Bí àwọn tó yẹ kó wọlé bá jẹ́ 100, ìyàtọ̀ tó máa ń wà láàrin píksẹ̀lì kan àti èkejì tó nǹkan bí 10, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá. Bí wọ́n bá di 900, ìyàtọ̀ náà di nǹkan bí 30, ìdá kan nínú ọgbọ̀n. Ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni a ń rí bí iyanrìn. Àdìrẹ tún burú ju aṣọ funfun lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí aró dúdú kì í dá ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ padà. Nígbà tí mo ṣí àlàyé àwòrán náà lórí fóònù, mo rí ISO 1000 àti 1/25 s níbẹ̀; 1/25 s yẹn ni àkókò tí kámẹ́rà fi gba ìmọ́lẹ̀. ISO tó ga báyẹn túmọ̀ sí pé ìmọ́lẹ̀ kò tó, fóònù wá ń fi agbára gbé ìwọ̀nba tó rí gbà sókè, tòun ti iyanrìn inú rẹ̀. Níta lábẹ́ ìbòòji, ISO 50 àti nǹkan bí 1/300 s ni mo rí. Ẹni tó bá ń wo nọ́ńbà méjèèjì yìí yóò ti mọ bí àwòrán ṣe máa rí kó tó fẹ̀ ẹ́.

Nǹkan mìíràn tún wà tí 108 kì í sọ. Píksẹ̀lì kì í dá àwọ̀ mọ̀ fúnra rẹ̀. Asẹ́ ìmọ́lẹ̀ kéékèèké aláwọ̀ ewé, pupa àti búlúù ni wọ́n tò sórí sẹ́ńsọ̀, gẹ́gẹ́ bí ètò tí Bryce Bayer ṣe ní Kodak, tó gba ìwé ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ lé lórí ní 1976: ìdajì ewé, ìdá mẹ́rin kan pupa, ìdá mẹ́rin kan búlúù. Lórí irú sẹ́ńsọ̀ tó wà nínú fóònù tuntun wa, píksẹ̀lì mẹ́sàn-án tó sún mọ́ra ló ń pín àwọ̀ kan. Nígbà tí a bá yan 108MP, sọ́fítíwíà ló ń ṣírò ohun tó yẹ kó jẹ́ àwọ̀ píksẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Púpọ̀ nínú ohun tí a ń rí nínú fáìlì ńlá yẹn ni ìṣirò, kì í ṣe ohun tí ojú kámẹ́rà rí.

Lẹ́ǹsì náà ní ààlà tirẹ̀. Ihò lẹ́ǹsì fóònù méjèèjì tó nǹkan bí f/1.8. Bí lẹ́ǹsì bá tilẹ̀ péye láìní àbùkù kankan, ojú ìmọ́lẹ̀ kan tó gba ihò bẹ́ẹ̀ kọjá yóò fẹ̀ tó nǹkan bí 2.4 mikrómítà nígbà tó bá dé orí sẹ́ńsọ̀. Ojú kan náà yóò wá bo píksẹ̀lì bíi mẹ́rin tó jẹ́ 0.64 lórí ìlà kan. Níta, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀, 108MP fi okùn aṣọ hàn díẹ̀ ju 12MP lọ ní àárín àwòrán. Díẹ̀ ni, kò sún mọ́ ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ní igun àwòrán, kò sí ìyàtọ̀ tí mo rí, torí lẹ́ǹsì fúnra rẹ̀ kì í já gaara níbẹ̀ tó ti àárín.

Kí ẹ sì nu lẹ́ǹsì. Mi ò sọ èyí ṣeré. Òróró ìka máa ń tú ìmọ́lẹ̀ gílóòbù ká gbogbo àwòrán, aró dúdú á wá di eérú. Ẹ ó mọ̀ ọ́n bí ìmọ́lẹ̀ gílóòbù bá fa ìrù gígùn lójú fóònù, tí ìrù náà sì kúrú lẹ́yìn tí ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún.

Títí dé ibí, fóònù tuntun ní ipò 12MP ló yẹ kó borí. Sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti Pixel, tí píksẹ̀lì rẹ̀ jẹ́ 1.4 mikrómítà. Àmọ́ nígbà tí mo gbé àwòrán méjèèjì kalẹ̀, ti Pixel ni ìlà ìyẹ́ ti hàn jù. Ti fóònù tuntun mọ́ tónítóní, ó mọ́ jù bẹ́ẹ̀: inú búlúù ti di pẹrẹsẹ, okùn aṣọ ti parẹ́, etí ìlà tó nípọn sì ní ààlà funfun kan tí kò sí lára aṣọ. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ gan-an ló jọ. Oníbàárà yẹn kò parọ́.

Kí n lè mọ ẹni tó jẹ ìlà wa, mo padà sí fóònù tuntun, mo bọ́ sí ipò Pro, mo tan RAW. RAW ni ohun tí sẹ́ńsọ̀ rí kí sọ́fítíwíà fóònù tó fọwọ́ kàn án. Mo ṣí i nínú Snapseed, áàpù tí a fi ń tún àwòrán ṣe, láì fi nǹkan kan mú etí rẹ̀. Àwọn ìlà tín-ín-rín wà níbẹ̀ pérépéré, iyanrìn díẹ̀ sì wà pẹ̀lú wọn. Sẹ́ńsọ̀ rí wọn. Sọ́fítíwíà ló kà wọ́n kún iyanrìn, ó gbá méjèèjì dànù, ó wá fa etí ohun tó kù kó lè dà bí ẹni pé ó já gaara.

Ọgbọ́n tí Pixel ń lò yàtọ̀. HDR+ ni wọ́n ń pè é: ó máa ń ya ọ̀pọ̀ àwòrán tó ṣókùnkùn díẹ̀ tẹ̀ léra, á tò wọ́n lé ara wọn, á sì kó wọn pọ̀ di ọ̀kan. Àwòrán mẹ́sàn-án tí a kó pọ̀ lè dín iyanrìn kù sí ìdá mẹ́ta, ìṣirò kan náà pẹ̀lú píksẹ̀lì mẹ́sàn-án tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Nítorí pé iyanrìn ń yí padà láti àwòrán dé àwòrán, tí ìlà aṣọ kì í sì í yí, iyanrìn ló ń parẹ́, ìlà á dúró. Ohun tó gbé Google dúró lórí nǹkan bí 12MP láti 2017 dé 2020 nìyẹn, lójú tèmi.

Ṣùgbọ́n ohun tí a ń yà gbọ́dọ̀ dúró. Mo tan fáànù ṣọ́ọ̀bù, mo tún yà á. Àárín aṣọ mọ́, ṣùgbọ́n igun ìsàlẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbé kún fún iyanrìn. Ibi tí àwòrán kò bá ti bára mu, sọ́fítíwíà kì í kó wọn pọ̀, ìwọ̀nba ẹyọ kan ló ń lò níbẹ̀.

Báyìí, Pixel ni a fi ń ya ẹlẹ́kọ nínú ṣọ́ọ̀bù, a sì máa ń pa fáànù. Fóònù tuntun wà fún àwòrán níta, ní 12MP, àti RAW bí oníbàárà bá fẹ́ rí okùn aṣọ. Fún àwọ̀, mo máa ń fi bébà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ nínú àwòrán àkọ́kọ́. Bí bébà bá pọ́n tàbí tó ṣe búlúù, aró náà ti yí nìyẹn, mo sì ní láti tún White balance ṣe. Bí a bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, Document ni a ń yàn, kì í ṣe Gallery, torí àwòrán tó bá gba Gallery lọ ni wọ́n máa ń dín kù lọ́nà. Ẹ̀gbọ́n ti mọ ọ̀nà yìí ní orí. Wọn kì í tún pè mí mọ́ bí kò ṣe ìgbà tí wọ́n bá ní ẹrù tuntun.