Bí mo ṣe gba NIN pẹ̀lú ìka tí sìmẹ́ǹtì ti jẹ

Birikilà ni mí ní Òmù-Àrán. Ọjọ́ tí mo lọ gba NIN, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni wọ́n ní kí n tẹ̀ sórí gíláàsì: mẹ́rin ọwọ́ kan, mẹ́rin ọwọ́ kejì, lẹ́yìn náà àtàǹpàkò méjèèjì. Ẹ̀rọ kọ ọwọ́ mi. Lójú kọ̀m̀pútà, ìka mi dán bọ̀rọ́, kò sí ìlà kankan tó dúró lórí rẹ̀.

Kò yà mí lẹ́nu. Sìmẹ́ǹtì tútù ń jẹ awọ bí omi eérú, yanrìn àti búlọ́ọ̀kù sì ń ha ìyókù dànù. Ṣùgbọ́n abẹ́ awọ ni gbòǹgbò ìlà ìka wà; bí ọwọ́ bá sinmi, ó ń padà hù. Nítorí náà mo gba iṣẹ́ tí kò kan sìmẹ́ǹtì fún ìgbà díẹ̀, mo sì ń fi òrí pa ọwọ́ lálaalẹ́. Awọ tó gbẹ kì í lẹ̀ mọ́ gíláàsì dáadáa, ìlà á máa já. Àmọ́ òrí tó pọ̀ náà ń ba á jẹ́, kí ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ sì nù ún kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí mo padà lọ, mo ní kí wọ́n nu gíláàsì náà. Mo rọra tẹ̀ ẹ́, torí bí èèyàn bá fi agbára tẹ̀ ẹ́, ìwọ̀nba ìlà tó kù yóò tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ̀rọ gba àwọn ìka kékeré ọwọ́ òsì. Àtàǹpàkò ọ̀tún àti ìka tó tẹ̀lé e kò gbà rárá.

Ẹnì kan tó tò sẹ́yìn mi ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín bá yín tẹ èyí tó kù.” Mo ní rárá o! Ìka ọmọ mi á di tèmi nínú ìwé ìjọba, ọjọ́ tóun náà bá lọ forúkọ sílẹ̀, wọ́n á ní ó ti gbà á rí.

Ọ̀gá wọn ni mo ní kí wọ́n bá mi pè. Ó wo ọwọ́ mi, ó ní kí ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀m̀pútà sàmì sí ìka méjèèjì pé kò ṣeé gbà, kó sì kọ ìdí rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má kọ ọ́ pé wọ́n ti gé e, torí ìka mi wà níbẹ̀. Ó ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá.” Fọ́tò ni wọ́n wá fara balẹ̀ yà jù, torí ojú ni wọn yóò máa fi dá irú wa mọ̀.

Níbi tí mo ti lọ forúkọ síìmù sílẹ̀, ìka ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí n mú wá. Ọmọńdinrín òsì ni mo nà sí wọn, ó sì gbà. Lọ́jọ́ ìdìbò, ẹ̀rọ BVAS náà ń yẹ ojú wò bí ìka bá kọ̀. Ẹ sá ti ṣí fìlà, kí ẹ kọjú síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.