Mo kọ ríìmù láìtì, ó gbé etí ìgò mi mì

₦45,000 ni mo san fún ayàwòrán kan níhìn-ín ní Àkúrẹ́ kí ó lè bá mi ya ìgò àdín tí mò ń tà ní àwòrán méjìlá, kò sì sí ẹyọ kan nínú méjèèjìlá tí mo lè gbé síwájú oníbàárà. Owó náà kọ́ ló dùn mí jù. Nígbà tí mo fi ìbínú pe ọmọkùnrin náà, ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi dá mi lóhùn pé, "Ẹ má bínú, mà. Ẹ tún ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kà. Mi ò yọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò nínú rẹ̀." Mo tún un kà. Ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ sí i lórí Wásáàpù ni pé: "Ìmọ́lẹ̀ góólídìn áwà, sọ́fútibọ́ọ̀sì, ríìmù láìtì tó hàn dáadáa, ẹ̀yìn funfun báláú, kí ó mọ́ tónítóní." Ó ti ṣe gbogbo rẹ̀ pátá, àwọn ọ̀rọ̀ náà ni wọn kò bá ara wọn gbé.

Góólídìn áwà ni ìmọ́lẹ̀ ìgbà tí oòrùn bá rẹlẹ̀, sọ́fútibọ́ọ̀sì ni àpótí aláṣọ funfun tí wọ́n ń fi bo iná, ríìmù láìtì sì ni iná ẹ̀yìn tó ń fa ìlà sí etí nǹkan. Mo ti rí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lẹ́nu àwọn tí ọjà wọn máa ń dán lójú àwòrán, mo sì kó wọn jọ bí ẹni kó èròjà sínú ọbẹ̀ láìbéèrè èwo ló ń ba èwo jẹ́. Ìgò tí mo ń lò jẹ́ ìgò onídígí aláwọ̀ ilẹ̀ tó ṣókùnkùn, ìdérí rẹ̀ dúdú, lébẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ sì funfun. Nínú àwọn àwòrán tí mo gbà, lébẹ́ẹ̀lì funfun náà ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí aṣọ tí wọ́n fi nu epo, nǹkan funfun onígun mẹ́rin kan wà láàárín ikùn ìgò bí ẹni pé wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn, èyí tó sì burú jù ni pé etí ìgò méjèèjì ti pòórá sínú funfun ẹ̀yìn rẹ̀. Lébẹ́ẹ̀lì àti ìdérí nìkan ló dá dúró, bí ìgbà tí nǹkan bá léfòó lójú òfuurufú.

Nípa bí a ṣe ń wá ayàwòrán, bí a ṣe ń fi aṣọ tó mọ́ nu ìka kúrò lára ìgò àti bí a ṣe ń mú lébẹ́ẹ̀lì kọjú síwájú gan-an, n kò ní sọ ohunkóhun, nítorí ẹnikẹ́ni tó bá ti ta nǹkan rí mọ̀ wọ́n. Ìmọ́lẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, pàápàá bí a ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ góólídìn áwà kò gbà mí lákòókò púpọ̀. Nígbà tí oòrùn bá ti rẹlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ní láti la afẹ́fẹ́ tó pọ̀ kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, afẹ́fẹ́ náà á sì fọ́n àwọ̀ búlúù inú rẹ̀ ká, kí ó tó kan pupa àti ìyeyè. Ohun tó sọ awọ ojú ènìyàn di ẹlẹ́wà nìyẹn, òun kan náà ló sì sọ lébẹ́ẹ̀lì mi di bébà àtijọ́. Ọmọkùnrin náà kò tilẹ̀ dúró de ìrọ̀lẹ́. Ó fi ràbà aláwọ̀ ọsàn bo iná rẹ̀ nínú sitúdíò kí ó lè mú ohun tí mo kọ ṣẹ. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín pàápàá, oòrùn kì í rọra lọ, ńṣe ló ń já lulẹ̀ tààrà, tí ènìyàn bá sì gbé ìgò síta nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá dára jù, bí ìdajì wákàtí ni yóò rí lò kí ó tó pòórá. Mo ti yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú àwòrán ọjà pátápátá. Tí mo bá fẹ́ àwòrán kan fún ìpolówó, tí ìgò wà lórí tábìlì onígi pẹ̀lú ẹ̀kùrọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo lè kọ ọ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń fi kún un pé, "Ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ láti ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ òsì, kí ó kan igi àti ẹ̀kùrọ́, kí lébẹ́ẹ̀lì má ṣe yí àwọ̀."

Ti sọ́fútibọ́ọ̀sì gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Mo rò pé tí mo bá ti dárúkọ àpótí aláṣọ funfun náà, ìmọ́lẹ̀ rírọ̀ ti dé nìyẹn. Irọ́ ni. Bí àpótí náà ṣe tóbi tó lójú ìgò ló ń sọ ìmọ́lẹ̀ di rírọ̀, nítorí náà àpótí kan náà tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 ní ìbú àti 90 ní gígùn, tí a bá gbé e sí bí ìdajì mítà sí ìgò, òjìji rẹ̀ yóò rọ̀ bí èéfín, ṣùgbọ́n tí a bá gbé e lọ sí mítà mẹ́ta, òjìji yóò mú bí ẹnu ọ̀bẹ. Ẹni tó bá kọ orúkọ àpótí láìkọ bí ó ṣe jìnnà tó kò tíì kọ nǹkan kan. Dígí sì tún ní wàhálà tirẹ̀: ó ń ṣàfihàn àpótí náà gẹ́gẹ́ bí dígí ìwojú ṣe ń ṣàfihàn ojú, ibẹ̀ sì ni nǹkan onígun mẹ́rin tó wà níkùn ìgò mi ti wá. Ohun tí mò ń kọ báyìí ni ohun tí mo fẹ́ rí lára ìgò: "Ìlà ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo, tó gùn láti èjìká ìgò dé ìdí rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ òsì lébẹ́ẹ̀lì, kí ó má ṣe kan lẹ́tà." Ayàwòrán fúnra rẹ̀ ni yóò mọ̀ bóyá àpótí tóóró ni yóò lò tàbí aṣọ funfun tí yóò ta síwájú iná.

Nígbà tí a dé orí ríìmù láìtì, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ ya wèrè.

Ọmọkùnrin náà gbà láti tún àwòrán náà yà, ₦30,000 ni ó gbà lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀nà tí ríìmù láìtì gbà ń ṣiṣẹ́ ni pé a máa gbé iná sí ẹ̀yìn ohun tí a ń yà, díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, níbi tí kámẹ́rà kò ti lè rí i, kí ó lè fa ìlà ìmọ́lẹ̀ yí etí nǹkan náà ká. Ó gbé iná méjì síbẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, èkejì lápá òsì, ó sì fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi kí ó tó máa bá a lọ. Etí ìgò kò hàn. Mo kọ̀wé padà pé, "Ríìmù láìtì kò tíì hàn, ẹ fi kún un." Ó fi kún un, etí ìgò túbọ̀ ṣá. Mo ní kí ó tún fi kún un. Iná ọba lọ, a dúró di ọjọ́ kejì. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó fi kún un dé ibi tí iná náà lè dé, ìgò mi sì tínrín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti àìsàn dìde. Bí a ṣe lo ọjọ́ mẹ́rin nìyẹn, tí mò ń pàṣẹ ohun tó ń bà mí jẹ́, tí mo sì ń bú ẹni tó ń ṣe é. Lọ́jọ́ kẹrin mo sọ̀rọ̀ sí i tí n kò gbọdọ̀ sọ. Ó ní, "Kò burú, mà," ó sì pa fóònù rẹ̀.

Baba kan ní ìlú Òndó, tó ti ní sitúdíò láti ayé fíìmù dúdú-àti-funfun, ló là mí lójú. Ìnáwó ìsìnkú ló gbé mi dé ibẹ̀, ìgò kan sì wà nínú báàgì mi. Baba gbé ìgò náà ka orí tábìlì níwájú fèrèsé tí aṣọ funfun bò, wọ́n wá ní kí n bẹ̀rẹ̀ wò ó. Etí rẹ̀ ti ń bá aṣọ lọ, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí nínú àwòrán mi. Wọ́n wá ya páálí dúdú kan sí méjì, wọ́n gbé ìdajì kan sí ọ̀tún ìgò, èkejì sí òsì, láìjẹ́ kí ó bọ́ sí ojú ibi tí mò ń wò. Lójú ẹsẹ̀, ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba etí ìgò náà láti ọrùn dé ìdí, bí ẹni pé wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì fà á.

"Ìgò kì í ṣe ojú ènìyàn, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Etí dígí kò ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Ohun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni yóò gbé wọ̀."

Wọ́n yọ páálí kúrò, wọ́n gbé aṣọ dúdú sí ẹ̀yìn ìgò, wọ́n sì fi tọ́ọ̀ṣì kan tan iná láti ẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́. Ìlà funfun ló yọ báyìí, ó dán gbinrin lórí dúdú. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò ju ìyẹn lọ. Ríìmù láìtì jẹ́ ìlà funfun, ẹ̀yìn dúdú ni ó sì ń wá kí a lè rí i. Lórí ẹ̀yìn funfun, funfun ni yóò bá funfun pàdé, etí ìgò á sì bọ́ sáàárín wọn. Bí mo ṣe ní kí ọmọkùnrin náà fi kún un ni mo ń ní kí ó túbọ̀ pa ìgò mi rẹ́. Inú mi dùn, ojú sì tì mí, nígbà tí mo ronú kan ọmọkùnrin Àkúrẹ́ yẹn.

Mo pè é, mo tọrọ àforíjì, mo sì kọ ọ̀rọ̀ tuntun sí i. Mo pín in sí méjì, nítorí pé àwòrán méjì ni mo nílò. Fún èyí tí yóò lọ sí ojú ìwé ọjà, mo kọ ọ́ báyìí: "Ẹ̀yìn funfun, kí ìgò jìnnà sí i tó mítà kan, kí funfun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ funfun, kí ó má ṣe tàn kọjá bẹ́ẹ̀. Páálí dúdú ní ọ̀tún àti òsì ìgò, kí etí rẹ̀ lè ní ìlà dúdú. Kò sí ríìmù láìtì. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán láìní àwọ̀, kí lébẹ́ẹ̀lì funfun bí ó ṣe rí." Fún ti ìpolówó, mo kọ pé: "Ẹ̀yìn dúdú. Ríìmù láìtì méjì láti ẹ̀yìn, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ní etí méjèèjì àti ní èjìká ìdérí. Kí iná má ṣe wọ inú lẹ́ǹsì. Ìmọ́lẹ̀ rírọ̀ díẹ̀ láti iwájú kí lébẹ́ẹ̀lì lè ṣeé kà. Bébà fàdákà kékeré tí a gé bí ìgò, kí ó fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, kí àdín lè tàn láti inú."

Ti ìkẹyìn yìí, èmi ni mo ronú rẹ̀, mo sì ń yangàn lórí rẹ̀ títí di òní: lórí ẹ̀yìn dúdú, ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ máa ń dà bí òkúta àyàfi tí nǹkan bá dá ìmọ́lẹ̀ padà gba inú rẹ̀. Nígbà tí àwòrán dé, àdín náà rí bí tíì tó lágbára lójú oòrùn. Ìdérí dúdú nìkan ni ìlà rẹ̀ ṣì nípọn jù lápá ọ̀tún, nítorí pé ike rẹ̀ ń dán ju dígí lọ, n kò sì kọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo fẹ́ ní kí ó tún un yà. Mo rántí ₦75,000, mo pa ẹnu mi mọ́.